Ohun tí tíṣà lè sọ níwájú àwọn tó ń gba dẹfẹlọ́pà

"Ẹ ǹlẹ́ o. Tíṣà ni mí ní ìlú Oǹdó. Mo ti kọ́ JavaScript, ilé iṣẹ́ kan sì ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló gbé tíṣà dé ìdí kóòdù, kí ni kí n sọ tí wọn ó gbà gbọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Èmi náà kọ́ ọmọ ní Àkúrẹ́ kí n tó di dẹfẹlọ́pà. Ẹ má fi owó oṣù bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì sọ pé láti kékeré lẹ ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ ìyẹn, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣòro kan ní ilé ìwé yín tí ẹ fi kóòdù yanjú ni kí ẹ sọ.

Tèmi ni èsì ìparí táàmù. Mo kọ áàpù kékeré kan tí àwa tíṣà ń tẹ máàkì sí. Nígbà tí a fi èsì rẹ̀ wé èyí tí a fọwọ́ ṣe, ọmọ kan tó mọ̀wé dáadáa já wálẹ̀. Ó gba 70, 60 àti 80, àìsàn ni kò jẹ́ kó ṣe ìdánwò kẹrin. Tíṣà á pín 210 sí mẹ́ta, á gba 70. Áàpù pín in sí mẹ́rin, ó gbé 52.5 jáde. Ohun tó fà á rèé:

```js
Number("")   // 0
```

Àpótí tí a kò tẹ nǹkan kan sí ni JavaScript sọ di òdo, kò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà sì mọ̀ pé ọmọ tí kò wá yàtọ̀ sí ọmọ tó gba òdo. Mo tún un kọ báyìí:

```js
const maaki = iye.trim() === "" ? null : Number(iye);
```

Ìyẹn nìkan kò tó, torí `null + 40` ṣì ń fúnni ní 40. Ẹ ní láti yọ gbogbo `null` kúrò kí ẹ tó ṣírò, kí ẹ sì fi iye máàkì tó kù pín in. Mo tún lọ bi igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa bóyá òdo ni ká fún ẹni tí kò wá, torí ilé ìwé mìíràn máa ń fún ẹni tí kò wá ní òdo. Ẹ sọ irú ìbéèrè tí ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ fún wọn. Òun ló ń fi hàn pé ẹ kì í fi orí ara yín pinnu ohun tó jẹ́ ti oníṣẹ́.

Wọn ò ní dá yín dúró síbẹ̀. Wọ́n bi mí pé bí ọmọ méjì bá jọ wà ní ipò kejì, ipò wo ló kan? Ìkẹrin ni, ìdáhùn tí tíṣà ní lọ́wọ́ nìyẹn, àmọ́ kóòdù yín gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún lè ṣí GitHub yín. Bí gbogbo iṣẹ́ náà bá wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á fura pé ẹ dà á kọ ni. Torí náà ẹ máa fi `git commit` tọ́jú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń ṣe é. Apá tí ẹ bá sì mú láti inú ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn, ẹ yára sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Ẹni tó ti báńkì wá lè gba ọ̀nà kan náà: `0.1 + 0.2` kì í ṣe `0.3` nínú JavaScript, nítorí náà kọ́bọ̀ ló yẹ kó fi tọ́jú owó, kó má fi náírà onídẹ́símà tọ́jú rẹ̀.