Ẹ má wo ojú ọmọ nìkan, ìtọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, Dókítà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 4, ojú rẹ̀ ń wú láràárọ̀, nígbà tó yá ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ náà wú. Wọ́n ní nẹfurótíìkì síńdírómù ni, wọ́n fún un ní pẹrẹdinisólóònù. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 2, wíwú náà lọ pátápátá, mo bá dá a dúró nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń tóbi. Kò ju oṣù kan lọ, ó tún ti wú. Ìyá ọkọ mi ní òògùn yẹn ló ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, wọ́n ti bá wa ra àgbo tí ń fọ kíndìnrín. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ gbé àgbo yẹn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè bí èyí kì í tán lọ́dọ̀ mi, ohun kan náà ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀: àwọn òbí gbà pé wíwú ni àìsàn, pé bí wíwú bá ti lọ, àìsàn lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wíwú ni ohun tí ojú rí gbẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí yóò yé kíá. Omi ògì ló yẹ kó gba asẹ́ kọjá, kí èèrí kù sókè. Bí asẹ́ bá fẹjú, èèrí á bá omi lọ. Kíndìnrín náà ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Omi àti ìdọ̀tí ara ló yẹ kó kọjá di ìtọ̀, kí púrótéènì dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú àìsàn yìí, asẹ́ náà fẹjú, púrótéènì kan tó ń jẹ́ álúbúmíìnì wá ń dà jáde. Álúbúmíìnì yìí ló ń fa omi mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó bá dínkù, omi á jò sábẹ́ awọ, á lọ síbi tí ara ti rọ̀. Ìpéǹpéjú ni lówùúrọ̀, nítorí ọmọ ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lóru. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ojú dídùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó yẹ ìtọ̀ wò.

Ẹ wá rí i pé kíndìnrín ọmọ yín kò dọ̀tí. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fọ̀ níbẹ̀. Àgbo tó ń mú ọmọ tọ̀ púpọ̀ lè mú wíwú náà lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òògùn ìtọ̀ tí àwọn kan ń rà fúnra wọn ní kẹ́míìsì ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n púrótéènì ṣì ń dà lọ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé omi inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti kéré tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá tún fi agbára fa omi jáde, ẹ̀jẹ̀ á ki, ó sì lè dì nínú iṣan.

Baba kan gbé ọmọ rẹ̀ wá lọ́dún kan, ojú ọmọ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, baba ní àgbo ti wò ó sàn. Mo bu ìtọ̀ àárọ̀ ọmọ náà sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣe ìdánwò, mo fi òkè rẹ̀ yá iná. Kó tó pẹ́, apá òkè yẹn funfun bí ẹyin tó bọ́ sínú omi gbígbóná, ìsàlẹ̀ sì mọ́ kedere. Mo kán omi kíkan díẹ̀ sí i, nítorí ohun mìíràn lè mú ìtọ̀ funfun, ṣùgbọ́n tíyẹn bá jẹ́, omi kíkan á mú un pòórá. Tirẹ̀ kò pòórá. Baba náà dákẹ́. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà ni wíwú padà dé.

Ní ti pẹrẹdinisólóònù tí ẹ dá dúró, tó jẹ́ irú òògùn tí a ń pè ní sitẹ́rọ́ìdì, ìwọ̀n tí a sábà ń lò ni mílígíráàmù 2 fún kílò kan lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ ju 60 lọ. Ọmọ tó wọn kílò 15 kí wíwú tó bẹ̀rẹ̀ yóò lo mílígíráàmù 30, ìyẹn hóró 6 tó jẹ́ mílígíráàmù 5, láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Yóò lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí a tó dín in kù, kó máa lò ó ní ọjọ́ kan, kó sinmi ní ọjọ́ kejì, fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 mìíràn. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 2 kò tó ìdajì ọ̀nà. Ẹ má fi ṣírò fún ọmọ yín, dókítà tó ń wò ó ni kó sọ tirẹ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tóbi yẹn, òótọ́ ni pé òògùn lè fà á. Ṣùgbọ́n ti òògùn máa ń rí roboto láti àárọ̀ dé alẹ́, ìtọ̀ sì mọ́. Ti àìsàn wà ní ìpéǹpéjú, ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń hó bí omi ọṣẹ. Òògùn náà á tún mú kí oúnjẹ máa wù ú jù, inú lè máa bí i, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru, nítorí náà ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì padà bọ̀ sípò bí òògùn bá ti ń dínkù.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti lò ó tán dáadáa, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òògùn yìí ń ṣiṣẹ́ fún ló máa ń ní in padà, òtútù àti ọ̀fìnkìn ló sì sábà ń fa ìpadàbọ̀ náà. Ìyá kan tí mo mọ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ń ti bébà ìdánwò bọ ìtọ̀ àárọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì ń kọ àwọ̀ tó bá rí sílẹ̀. Ọ̀fìnkìn mú ọmọ náà lọ́jọ́ Ajé. Bí pùlọ́ọ̀sì tí àwọ̀ náà fi hàn bá ṣe pọ̀ tó ni púrótéènì inú ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó. Lọ́jọ́rú, pùlọ́ọ̀sì 1. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, pùlọ́ọ̀sì 3. Pùlọ́ọ̀sì 3 fún ọjọ́ 3 léraléra ni a ń pè ní ìpadàbọ̀ àìsàn. Ó pè mí, a bẹ̀rẹ̀ òògùn, ojú ọmọ náà kò wú rárá. Bí bébà bá fi hàn pé kò sí púrótéènì, tàbí pé ó kù bíńtín, fún ọjọ́ 3 léraléra, a ti borí nìyẹn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín òògùn kù.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí irú ibà kan ló fa tiwọn, sitẹ́rọ́ìdì kò sì ràn wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ fún ọmọ tiwa ti ń wá. Èyí tí mò ń rí lónìí, púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ìtọ̀ kò bá mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, a ó gé bíńtín lára kíndìnrín náà wò, a ó sì yí òògùn padà.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ mú ìtọ̀ àkọ́kọ́ àárọ̀ dání nínú ìgò tó mọ́, àti páálí òògùn tó kù. Ẹ má fi èyí tó kù bẹ̀rẹ̀ fúnra yín. Ẹ dín iyọ̀ àti mágì kù nínú oúnjẹ rẹ̀, kó máa jẹ ẹyin àti ẹja bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ikùn ń dùn ún, tó ń bì, tí kò lè mí dáadáa tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, ẹ má dúró dọ̀la, òru ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá kọ́kọ́ bá níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé ó ti lo sitẹ́rọ́ìdì, pé ẹ̀yin lẹ dá a dúró lójijì, àti ọjọ́ tí ẹ dá a dúró.