Òdiwọ̀n Sódà Ni Kí O Pín sí Méjì, Kì í Ṣe pH

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. A ṣe taitíréṣọ̀n ásíìdì ẹtanóìkì pẹ̀lú sódíọ̀mù haidirọ́ksáìdì, a sì ya gíráàfù rẹ̀. Wọ́n ní kí a fi ojú ìdajì ìdọ́gba wá pKa. pH tí mo kà ní ojú ìdọ́gba jẹ́ 8.7, mo pín in sí méjì, mo sì kọ 4.35, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé e. Ọ̀rẹ́ mi ní 7 ló yẹ kí n pín, nítorí pé ibẹ̀ ni ásíìdì ti parí. Èwo nínú àwa méjèèjì ló gbà á?

Ìdáhùn: Kò sí ẹni tó gbà á nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tí a ń pín sí méjì ni ìwọ̀n sódà, ìyẹn sódíọ̀mù haidirọ́ksáìdì yín, tó ti inú búréètì jáde títí a fi dé ojú ìdọ́gba, ìyẹn ibi tí sódà ti tó ásíìdì inú fláàsìkì gẹ́lẹ́, tí kò lé, tí kò sì dín. Bí o bá ti rí ìdajì ìwọ̀n yẹn, wá a lórí ìlà ìsàlẹ̀ gíráàfù, gba ibẹ̀ gòkè tààrà títí o ó fi kan ìlà tí o yà, kí o sì ka pH tó bá wà níbẹ̀ bí ó ṣe rí. Òun ni pKa, nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì ṣe lágbára tó. A kì í tún pín in mọ́.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti bi mí ní ìbéèrè yìí, mo sì mọ ibi tí ó ti ń wá. Wọ́n gbé ìwé pélébé kan hàn mí nígbà kan, irú èyí tí wọ́n máa ń tà fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ gàdàgbà pé kí a pín pH ojú ìdọ́gba sí méjì. Inú bí mi gidigidi. Èyí tó tún burú jù ni pé ìdáhùn tí ọ̀nà yẹn ń mú jáde fún ásíìdì ẹtanóìkì kò jìnnà púpọ̀ sí òótọ́, nítorí náà ẹni tó ń lò ó kì í fura. pKa ásíìdì yìí jẹ́ 4.76 ní ìwọ̀n ooru 25 °C, ìwọ sì rí 4.35, ó dà bí ẹni pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá sọ ọ́ di Ka, tí pKa jẹ́ lọ́gárídìmù òdì rẹ̀, tìrẹ á lé ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀ èyí tó tọ́.

Jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fláàsìkì. Ká ní o fi pìpẹ́ẹ̀tì wọn 25.0 cm³ ásíìdì ẹtanóìkì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.100 mol/dm³, tí sódà inú búréètì náà sì jẹ́ 0.100 mol/dm³. Mílímóòlù 2.50 ásíìdì ló wà nínú fláàsìkì. Kí o tó da ohunkóhun sí i, pH rẹ̀ máa wà ní nǹkan bí 2.88, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún mólẹ́kù ásíìdì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹyọ kan lọ tó ti jọ̀wọ́ áyọ́ọ̀nù haidirójìn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yòókù ṣì di tiwọn mú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ásíìdì aláìlágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ta ènìyàn lára dáadáa bí ó bá ki.

Nígbà tí sódà bá ń kán wọlé, kì í ṣe ìwọ̀nba áyọ́ọ̀nù haidirójìn tó ń rìn káàkiri nínú omi nìkan ni ó ń mú. Ó ń gbà á lọ́wọ́ àwọn mólẹ́kù ásíìdì fúnra wọn, ó sì ń sọ wọ́n di ẹtanóéètì, tí í ṣe ìyókù ásíìdì lẹ́yìn tí haidirójìn rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí sódà bá pé 12.5 cm³, mílímóòlù 1.25 ásíìdì ti di ẹtanóéètì, 1.25 ṣì kù bí ó ti wà. Ìdajì tí à ń sọ nìyẹn. Wo àgbékalẹ̀ tí o mọ̀ yìí:

```
pH = pKa + log([A⁻]/[HA])
```

A⁻ ni ẹtanóéètì, HA sì ni ásíìdì tó kù. Nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba, ìpín wọn jẹ́ 1, lọ́gárídìmù 1 sì jẹ́ òfo, nítorí náà pH àti pKa di ọ̀kan náà. Kò sí ibì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí pH ojú ìdọ́gba ti wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìdajì ọ̀nà wà kì í wọn gíga òkè tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kí ó wá pín in sí méjì. Gígùn ọ̀nà ni yóò wọ̀n.

pH fúnra rẹ̀ kò sì ṣe é pín báyẹn. Láti ìgbà tí Sọ́rẹ́nsẹ̀n ti gbé e kalẹ̀ ní Kopẹnhágìn ní ọdún 1909 ni ó ti jẹ́ òǹkà lọ́gárídìmù: ìṣísẹ̀ kan lórí rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá nínú ìwọ̀n áyọ́ọ̀nù haidirójìn. Ìdajì pH kì í ṣe ìdajì ohunkóhun tó wà nínú fláàsìkì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, ní kí ó po ásíìdì àti sódà náà pẹ̀lú omi títí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò fi di 0.0100 mol/dm³, kí ó sì tún taitíréṣọ̀n ṣe. Ojú ìdọ́gba ṣì máa wà ní 25.0 cm³, ṣùgbọ́n pH ibẹ̀ á wálẹ̀ láti nǹkan bí 8.73 sí nǹkan bí 8.23. Tí a bá tẹ̀ lé ìwé pélébé yẹn, pKa ti yí padà láti 4.37 sí 4.12 nìyẹn, kìkì nítorí pé a bu omi sí i. Ásíìdì kì í pààrọ̀ pKa rẹ̀ nítorí omi. Lọ ka pH tó wà ní 12.5 cm³ lórí gíráàfù méjèèjì, wàá rí i pé nǹkan bí 4.76 náà ló wà níbẹ̀.

Ìdí kan ṣì wà tó jẹ mọ́ ọwọ́ àti ojú, èmi sì kà á sí pàtàkì gan-an. Dúró ti búréètì rẹ kí o máa wo mítà pH. Láti 10 cm³ dé 15 cm³, o ti da odidi 5 cm³ sílẹ̀, mítà kò sì kúrò ní 4.58 ju 4.94 lọ, ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí pé ásíìdì àti ẹtanóéètì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń gba agbára sódà mọ́ra. Ibẹ̀ là ń pè ní agbègbè bọ́fà. Ṣùgbọ́n tí o bá dé 24.9 cm³, mítà wà ní nǹkan bí 7.2, ẹ̀kán mẹ́rin péré, tí kò ju 0.2 cm³ lọ, ti tó láti gbé e fò kọjá 10. Ìlà dúró ṣánṣán. Níbi tó dúró ṣánṣán báyìí, ìwọ̀n sódà ni gíráàfù ń sọ fún ọ láìṣì. pH ibẹ̀ ni kò ṣeé gbára lé, nítorí pé 8 lè jẹ́, 9 sì lè jẹ́, bí ọwọ́ rẹ bá ṣe yà á. Níbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, pH ló ń sọ láìṣì. Bí o bá tilẹ̀ fi 1 cm³ ṣi ìdajì, tí o lọ ka pH ní 13.5 dípò 12.5, àṣìṣe rẹ kò ní ju 0.07 lọ. Ọ̀nà tó tọ́ ń gba ìwọ̀n níbi tí ìwọ̀n ti dájú, ó sì ń gba pH níbi tí pH ti dájú. Ọ̀nà tí o lò gba pH níbi tí ó ti burú jù láti kà.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, pH 7 kì í ṣe àmì pé ásíìdì ti parí. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ásíìdì haidirokulọ́ríìkì pẹ̀lú sódà, nítorí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dì kì í yọ omi lẹ́nu. Ẹtanóéètì kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń gba haidirójìn díẹ̀ padà lọ́wọ́ omi, áyọ́ọ̀nù haidirọ́ksáìdì tó ṣẹ́ kù sì ń gbé pH kọjá 7. Ohun kan náà ló fà á tí a fi ń lo finọfutalíìnì níbí, tí a kì í lo mẹ́táìlì ọ́ránjì. Mẹ́táìlì ọ́ránjì máa ń parí àyípadà àwọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí pH 4.4, ìgbà yẹn sódà tó wọlé kò tíì pé 8 cm³. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà pàápàá.

Láti wá ojú ìdọ́gba lórí gíráàfù tìrẹ, má ṣe wá ibi tí ìlà ti kan 8.7. Wá ibi tí pH ti fò jù lọ láàárín ìwọ̀n méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, kí o sì mú àárín wọn. Tí o bá fẹ́ kí èyí dára, láti nǹkan bí 24 cm³ lọ ni kí o ti máa da sódà ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, nítorí ẹni tó ń da 1 cm³ lẹ́ẹ̀kan á fò ó kọjá. Kí o sì rántí pé ìwọ̀n tó jáde ni à ń pín, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lára búréètì. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ní 0.80 tí ojú ìdọ́gba sì bọ́ sí 25.80, 25.00 ló jáde, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 12.50, orí búréètì sì ni 13.30. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó kọ 12.90 síbẹ̀. Àwọn kan tún máa ń pín ìparí gíráàfù wọn sí méjì, bí 50 cm³, ojú ìdọ́gba gan-an ni wọ́n sì ń bọ́ sí.

Má ṣe lo ọ̀nà yìí fún gbogbo ásíìdì. Bí o bá fi ásíìdì haidirokulọ́ríìkì 0.100 mol/dm³ ṣe é, pH tí wàá rí ní 12.5 cm³ jẹ́ nǹkan bí 1.48, kò sì jẹ́ pKa ohunkóhun. Ìwọ̀n ásíìdì tó ṣẹ́ kù lásán ni. Bí ásíìdì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára tó bẹ́ẹ̀, tàbí tí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù, ìdọ́gba tí a gbẹ́kẹ̀ lé kì í pé mọ́.

Èmi kò rí mítà tí ẹ lò, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé 4.76 gẹ́lẹ́ ni wàá kà. Bí wọn kò bá fi bọ́fà 4 àti 7 tún un ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí tí sódà yín ti ń gba afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó lè yẹ̀ díẹ̀. Kọ ohun tí o kà, má kọ ohun tó wà nínú ìwé. Kí o sì má fi ẹnu fa pìpẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹnikẹ́ni ìbáà sọ. Rọ́bà rẹ̀ wà, kí wọ́n fún ọ.

Padà sídìí gíráàfù rẹ lálẹ́ òní, fi rúlà fa ìlà tààrà gòkè láti ìdajì ìwọ̀n sódà rẹ, kọ pH tí o bá bá pàdé àti ìwọ̀n ooru lábù lọ́jọ́ náà, kí o sì gbé e padà fún ẹni tó fagi lé e.