Ilà pupa nínú báàfù

"Omi kànga la ń lò, ilà pupa sì wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ báàfù wa. Mo da bílíìṣì sí i, kò lọ. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ má da bílíìṣì sí i mọ́. Irin inú omi kànga ló ń dípẹtà bí atẹ́gùn ṣe ń kàn án, bílíìṣì sì ń mú un yá ni. Nǹkan kíkan ló ń tú u. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan bílíìṣì kúrò pátápátá, torí gáàsì olóró ni méjèèjì ń gbé jáde bí wọ́n bá pàdé. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí aṣọ funfun, ẹ tẹ́ ẹ lé ilà náà fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án. Bó bá kù, ẹ tún un ṣe, àmọ́ ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́jú: á jẹ ojú ẹnámẹ́ẹ̀lì tó bo irin báàfù. Bí ọwọ́ bá kan ibi tó bó, irin báàfù gan-an ló ń dípẹtà níbẹ̀. Ọsàn kò lè tún ìyẹn ṣe.