Sátífíkéètì búùtùkáǹpù àti ìdánwò Security+: èwo ni ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ ń wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí búùtùkáǹpù ọ̀sẹ̀ 12 lórí ààbò kọ̀ǹpútà, wọ́n fún mi ní sátífíkéètì, wọ́n sì ní àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, pé kò yàtọ̀ sí Security+. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ṣe ìdánwò yẹn, ṣùgbọ́n owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ṣé eléyìí ò tó fi wá iṣẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò tó, ẹni tó sì sọ fún ẹ pé kò yàtọ̀ ò sọ òótọ́. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù níwájú mi, ó sì ń bí mi nínú torí pé ìgbà tí owó bá ti jáde lápò tán làwọn èèyàn tó ń béèrè. Èmi wà lára àwọn tó ń ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ sí SOC, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ tọ̀sán tòru, èmi náà ni mo tún máa ń jókòó bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n bá dé, torí náà ohun tójú mi ń rí ni màá sọ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tiẹ̀ o, mi ò lè búra fún ibi tí mi ò ṣiṣẹ́ sí.

Ohun tó ń ṣi ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè lọ́nà ni pé ẹ rò pé sátífíkéètì búùtùkáǹpù ń sọ fún mi pé ẹ yege nínú nǹkan kan. Mú tìẹ jáde kó o tún un kà. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ pé o parí ẹ̀kọ́ náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló kọ ìbéèrè tí wọ́n fi dán ẹ wò, tí wọ́n bá tiẹ̀ dán ẹ wò? Ta ló máàkì ẹ̀? Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹ náà ni, òun ló kọ́ ẹ, òun ló tún ní o mọ̀ ọ́n, tó bá sì fìdí èèyàn púpọ̀ rẹmi, òun ni orúkọ ẹ̀ máa bàjẹ́ tí ọjà ẹ̀ ò ní tà mọ́. Mi ò ní olè ni wọ́n o, àwọn kan lára wọn ń kọ́ni gan-an, àmọ́ láti ibi tí mo jókòó sí, pẹ̀lú ìwé rẹpẹtẹ níwájú mi, kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó kọ́ni dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń fi fídíò han èèyàn.

Security+ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. CompTIA ló ń ṣe ìdánwò yẹn, kò sì kàn wọ́n níbi tó o ti kẹ́kọ̀ọ́, kódà o lè jókòó sílé kó o ka ìwé fúnra ẹ, wọn ò béèrè pé kó o kọ́kọ́ lọ kíláàsì kankan. Tọ́jọ́ ìdánwò bá pé, wọ́n á yẹ ìwé ìdánimọ̀ ẹ wò, ẹnì kan á máa ṣọ́ ẹ, yálà ní gbọ̀ngàn ìdánwò tàbí láti ojú kámẹ́rà. Ìbéèrè ò ní ju 90 lọ ní ìṣẹ́jú 90, kì í sì í ṣe ká kàn mú A tàbí B nìkan, àwọn kan wà níbẹ̀ tó máa ní kó o fọwọ́ ara ẹ to òfin fáyáwọ́ọ̀lù, kó o sọ èyí tó yẹ kó gbà wọlé àtèyí tó yẹ kó dí. Máàkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 100 dé 900, 750 lo sì gbọ́dọ̀ ní kó o tó yege (ẹ má pín in o, kì í ṣe iye ìbéèrè tẹ́ ẹ gbà lẹ́ ẹ máa kà). Tó o bá yege, ọdún 3 ló máa lò kó tó kú àfi tó o bá tún un ṣe, ó sì ní kóòdù kan tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi láìbi ẹ.

Gbogbo ìyẹn ló jẹ́ kó wúlò fún mi. Àwọn kókó tí ìdánwò yẹn dá lé, èyí tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ SY0-701, wà níta gbangba, ẹnikẹ́ni lè wà á jáde kà lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà tí mo bá rí i lórí síífíì ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí, láti ìlú tí mi ò dé rí, mo ti mọ ohun tó kéré jù tó yẹ kó ti kà. Tìẹ ńkọ́? Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, mi ò sì ní àyè láti lọ wádìí ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá sọ fún ẹ pé ìjọba fọwọ́ sí àwọn, bi wọ́n pé kí ni ìjọba fọwọ́ sí gan-an. Ìwé àṣẹ láti ṣílé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ pátápátá sí kí ẹnì kan ti yẹ ìdánwò wọn wò. Security+ wà lábẹ́ ìlànà ISO/IEC 17024, ìlànà tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń dán òye èèyàn wò, ó sì le lórí pé ìkọ́ni ò gbọ́dọ̀ da ìdánwò rú. Tí búùtùkáǹpù ẹ bá nírú ẹ̀, kí wọ́n fi hàn ẹ́.

Nǹkan míì tẹ́ ẹ̀ ń gbàgbé ni pé èmi kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ ka síífíì yín. Ẹni tó máa kọ́kọ́ kà á, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ niṣẹ́ ẹ̀, kò mọ fáyáwọ́ọ̀lù, ohun tá a kọ sínú ìpolówó iṣẹ́ ló ń wá kiri, bó bá sì jẹ́ Security+ la kọ síbẹ̀ tí ò rí i, ó ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Àwọn ibì kan tiẹ̀ wà tí kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ rárá, bíi àwọn iṣẹ́ kan lábẹ́ ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà, ìlànà wọn tí wọ́n ń pè ní 8140 ti to orúkọ àwọn ìdánwò tí wọ́n gbà sílẹ̀, Security+ wà níbẹ̀, sátífíkéètì pé èèyàn parí búùtùkáǹpù tí wọn ò fọwọ́ sí ò sì lè rọ́pò ẹ̀.

Àmọ́ kí n má tàn ẹ́ jẹ, ìdánwò yẹn ń ṣílẹ̀kùn ni, kì í gbani síṣẹ́. Wo ohun tá a máa ń ṣe. Tẹ́nì kan bá jókòó síwájú mi, mo máa ń gbé lọ́ọ̀gì kékeré báyìí fún un, lọ́ọ̀gì ni àkọsílẹ̀ tí sáfà ń kọ fúnra ẹ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀:

```
Failed password for root from 203.0.113.45 port 52114 ssh2
Failed password for root from 203.0.113.45 port 52120 ssh2
Failed password for deploy from 203.0.113.45 port 52171 ssh2
Accepted password for deploy from 203.0.113.45 port 52188 ssh2
```

Màá ní, kí lo rí, kí lo máa ṣe? Ẹnì kan wà tó ní Security+, máàkì ẹ̀ ga, ó ní ẹnì kan ń gbìyànjú pásíwọọ̀dù lóríṣiríṣi, kí á dí àdírẹ́sì yẹn pa, ó bá dákẹ́. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló dáhùn. Ìlà tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ wà, onítọ̀hún ti wọlé! Ó ti wọlé pẹ̀lú orúkọ deploy, dídí àdírẹ́sì lẹ́yìn ìyẹn nìkan ò tó. Obìnrin kan tó wá láti búùtùkáǹpù, tí kò tíì ṣe ìdánwò kankan, rí i kíá. Ó ní òun ò ní pa sáfà náà torí ohun tó wà ní mẹ́mórì ẹ̀ á lọ, òun á yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun á yí pásíwọọ̀dù deploy padà, òun á wo ohun tí deploy ṣe látìgbà tó ti wọlé, pàápàá bóyá ó ti fi kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ sínú authorized_keys, fáìlì tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé láìlo pásíwọọ̀dù, kó lè máa padà wá, lẹ́yìn náà òun á wá àdírẹ́sì yẹn nínú lọ́ọ̀gì àwọn sáfà yòókù. Òun la gbà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, síífíì ẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wa fúnra ẹ̀, wọ́n ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnì kan lára wa tó ti rí iṣẹ́ ẹ̀ lórí GitHub ló ní kí wọ́n lọ mú un wá. Tí kò bá sí ẹni yẹn ńkọ́?

Nítorí náà kì í ṣe pé búùtùkáǹpù ò wúlò. Ohun tí ọwọ́ ẹ ṣe níbẹ̀ ló wúlò, kì í ṣe bébà tí wọ́n fún ẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ parí.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, kọ́kọ́ padà lọ bá wọn kó o béèrè bóyá fáọ́ṣà ìdánwò, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ti fi sanwó ìdánwò sílẹ̀, wà nínú owó tó o san, torí àwọn kan máa ń fi kún un, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní rántí gbà á. Má tún san owó kíláàsì míì. Ka àwọn kókó SY0-701 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣókùnkùn sí ẹ ni kó o lọ kọ́. Má ra ìbéèrè tí wọ́n jí jáde látinú ìdánwò o, mo bẹ̀ ẹ́, tí CompTIA bá mọ̀ wọ́n lè gba sátífíkéètì náà padà kí wọ́n sì dí ẹ lọ́wọ́ láti tún ṣe é, tí wọn ò bá tiẹ̀ mọ̀, lọ́ọ̀gì bíi tòkè yìí ló máa tú àṣírí.

Àwọn míì á tún fẹ́ tà ẹ́ ní búùtùkáǹpù CISSP, ìdánwò ààbò kọ̀ǹpútà tó wà fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pé ìyẹn ló ń pa owó jù. Sá fún un ní báyìí. Lẹ́yìn tó o bá yege ìdánwò CISSP, ISC2 tó ń ṣe é ṣì máa béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún 5, díẹ̀ ni wọ́n lè yọ kúrò nínú ẹ̀ tó o bá ní dìgírì, títí dìgbà yẹn alábàáṣe lásán ni wọ́n máa pè ẹ́, o ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa kọ CISSP mọ́ orúkọ ẹ. Tí búùtùkáǹpù tó o parí bá sì ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹ nínú àdéhùn, mú àdéhùn yẹn lọ bá lọ́yà, èmi kì í ṣe lọ́yà, ibẹ̀ ju agbára mi lọ.

Síífíì ẹ wá ńkọ́? Fi búùtùkáǹpù sábẹ́ ẹ̀kọ́, ìlà kan ti tó. Òkè ni kó o kọ ohun tó o ṣe sí, kó sì ṣe pàtó, bíi eléyìí lórí Wazuh, irinṣẹ́ tó ń kó lọ́ọ̀gì jọ tó sì ń ké tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: "Mo gbé Wazuh kalẹ̀, mo kó lọ́ọ̀gì SSH máṣìnì méjì sínú ẹ̀, mo kọ òfin tó ń ké tí ẹnì kan bá wọlé lẹ́yìn tó ti kùnà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú méjì láti àdírẹ́sì kan náà." Ìyẹn máa jẹ́ kí n bi ẹ́ ní ìbéèrè. Má kọ Security+ sílẹ̀ bí ẹni tó ti ní in nígbà tó jẹ́ pé kíláàsì ẹ̀ lo lọ, a máa ń béèrè kóòdù, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì máa ń parí sí. Tó o bá ti mú ọjọ́ ìdánwò, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Ìdánwò Security+, mo máa ṣe é lọ́jọ́ báyìí," kó o sì fi déètì ẹ̀ síbẹ̀.