Bí A Ṣe Ń Gé Àwítúnwí Kúrò Nínú Ọ̀rọ̀ Ìgbéyàwó Oníṣẹ́jú Mẹ́ta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ohun tí mo kọ jẹ́ ọ̀rọ̀ 780. Nígbà tí mo kà á sókè, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú-àáyá 12. Mo ti ń yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níhìn-ín lọ́hùn-ún, síbẹ̀ kò dín. Kí ni kí n gé, kí ni kí n sì fi sílẹ̀? Mo ti fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí yín.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ fi aago wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kọ̀wé sí mi, nítorí aago ni yóò sọ bí iṣẹ́ tó wà níwájú wa ti pọ̀ tó. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ 780 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 312 ń ka ọ̀rọ̀ márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì. Ìwọ̀n yẹn dára fún kíkà ní gbangba, ẹ má sì ṣe sáré jù ú lọ nítorí kí ọ̀rọ̀ lè bá àkókò mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Àwọn ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín, ẹ ó dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ẹ ó sì mí. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún èyí. Ìṣẹ́jú-àáyá 160 ló kù, ọ̀rọ̀ 400 sì ni ẹ̀yin lè kà láàárín rẹ̀. Èyí já sí pé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àkọsílẹ̀ yín ló gbọ́dọ̀ kúrò.

Ìdí tí yíyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò fi ràn yín lọ́wọ́ nìyí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yóò lo wákàtí kan láti tún ìpínrọ̀ kan ṣe, kó tó wá rí i pé gbogbo ìpínrọ̀ náà kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, nítorí pé òmíràn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Èrò tí a tún sọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí kò níṣẹ́ dúró di ìkẹyìn.

Bí mo ṣe máa ń wá èrò tí a tún sọ kò le. Mo máa ń tún àkọsílẹ̀ náà kọ kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lè dá wà lórí ìlà tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń fi ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kọ sí etí ìwé ohun tí olùgbọ́ mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ kó tó gbọ́ gbólóhùn náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò ní kí ẹ kọ ohun tí gbólóhùn náà dá lé lórí, nítorí gbogbo wọn ló dá lé ìyàwó lórí. Ohun titun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ. Mo ṣe é fún àkọsílẹ̀ yín: «ìyàwó láàánú» jáde ní ẹ̀ẹ̀meje, «inú mi dùn» jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, «wọ́n bára wọn mu» sì jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wo ìpínrọ̀ tí ẹ kọ yìí:

*Ní ti òótọ́, mo fẹ́ lo àǹfààní yìí láti sọ fún yín pé aláàánú ènìyàn ni ìyàwó. Ó láàánú púpọ̀. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, ó máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́, kò sì lè rí ẹni tó wà nínú ìṣòro kó má dá sí i. Nígbà tí mo ṣàìsàn ní ọdún tí a jọ gbé yàrá kan, ó fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó tì mí, ó sì ń ka ìwé ìdánwò rẹ̀ sókè kí èmi náà lè gbọ́. Ọkàn rẹ̀ dára, inúure rẹ̀ kò sì lópin.*

Gbólóhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ni mo kọ «ìyàwó láàánú» sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ojú lè má tètè rí i, nítorí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra: àánú níbí, ìrànlọ́wọ́ lọ́hùn-ún, ọkàn tó dára, inúure. Èdè wa lọ́rọ̀ púpọ̀ fún ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ló sì ń mú kí ẹni tó ń kọ̀wé rò pé òun ń tẹ̀ síwájú nígbà tó ṣì wà lójú kan. Gbólóhùn kẹrin nìkan ló sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì fi àánú hàn láìdárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò fúnra rẹ̀ sọ nínú ọkàn pé aláàánú ni obìnrin yìí, ohun tí olùgbọ́ bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ máa ń pẹ́ lọ́kàn rẹ̀ ju èyí tí a sọ fún un lọ. Bí ìpínrọ̀ náà ṣe rí lẹ́yìn tí mo gé e nìyí:

*Ní ọdún tí èmi àti ìyàwó jọ gbé yàrá kan, mo ṣàìsàn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó tì mí, tó ń ka ìwé ìdánwò rẹ̀ sókè kí èmi náà lè gbọ́.*

Ọ̀rọ̀ 86 ti di 31. Ní ìwọ̀n ìkàwé tiyín, ẹ ti rí ìṣẹ́jú-àáyá 22 gbà padà nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí àmì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn púpọ̀, èyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ kò bá sí nínú ìkankan wọn, bí ó ti rí níbi tí ẹ ti kọ «wọ́n bára wọn mu», ẹ bi ara yín léèrè pé ìgbà wo ni ẹ kọ́kọ́ rí i pé wọ́n bára wọn mu, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà dípò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kì í ṣe gbogbo àwítúnwí ni kí ẹ gé o. Olùgbọ́ kò lè ṣí ojú ìwé padà bí òǹkàwé, ohun tí etí rẹ̀ bá sì ti fò ti lọ nìyẹn. Nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ sọ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wọ yàrá náà, ìyàwó «kó ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan» kí ẹ lè ráyè. Ní ìparí, ẹ yíjú sí ọkọ, ẹ ní: «Nísinsìnyí, ìwọ ni ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún.» Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan èyí. Nígbà kejì, gbólóhùn náà ti gbé ìtumọ̀ mìíràn wọlé, kò sì lè ní ìtumọ̀ ọ̀hún bí a kò bá ti gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ nìyẹn: bí mo bá yọ èkejì tí nǹkan kò sì dín, àwítúnwí lásán ni, bí nǹkan bá dín, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ìparí gan-an ni mo ti rí àléébù tó pọ̀ jù. Àkọsílẹ̀ yín parí ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ dúpẹ́, ẹ sì fẹ́ ire fún tọkọtìyàwó. Ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ tún ní «ní àkótán», ẹ sì fẹ́ ire kan náà fún wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yin yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ lábẹ́ àtẹ́wọ́ wọn. Ẹ gbé ìdúpẹ́ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹrù náà, ẹ fẹ́ ire fún wọn ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ sì jókòó.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àkọsílẹ̀ náà wálẹ̀ sí nǹkan bí ọ̀rọ̀ 500 lọ́wọ́ mi. Ìgbà yìí ló tó àsìkò láti wá àwọn gbólóhùn ìmúra bí «mo fẹ́ lo àǹfààní yìí láti sọ pé», «ohun tí mò ń gbìyànjú láti sọ ni pé», «láìfa ọ̀rọ̀ gùn», «gan-an ni púpọ̀púpọ̀». Ẹ fi ìka bò ó, kí ẹ ka ìyókù. Bí ìyókù bá dá dúró, ẹ yọ ọ́. «Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀» tún burú jù wọ́n lọ, nítorí ìdajì àwọn tó jókòó, àwọn ẹbí ọkọ, kò mọ̀ ọ́n, ó sì ń sọ wọ́n di àlejò níbi ayẹyẹ tiwọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ibì kan. «Ṣùgbọ́n», «nítorí náà» àti «síbẹ̀» lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò níṣẹ́ lójú ìwé, àmọ́ àwọn ni etí fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yà. Nígbà kan rí, mo yọ gbogbo «ṣùgbọ́n» kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹnì kan kí ó lè kúrú, àwàdà tó dára jù nínú rẹ̀ sì kọjá láìsí ẹni tó rẹ́rìn-ín, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yí padà. Bákan náà ni orúkọ. Ẹlòmíràn máa ń fi «ó» rọ́pò orúkọ kí ọ̀rọ̀ lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n «ó» wa kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bí ẹ bá sì ti dárúkọ ọkọ àti ìyàwó nínú gbólóhùn kan, kò sí ẹni tí yóò mọ èwo nínú wọn ni «ó» tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún orúkọ náà dá. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ.

Ọ̀rọ̀ tí kò níṣẹ́ mú nǹkan bí 50 kúrò, ó ku 450. Kò sí àwítúnwí mọ́, síbẹ̀ ó ṣì gùn. Ibi tó máa ń dun ènìyàn nìyí, torí ohun tó dára, tí a kò tún sọ níbikíbi, ni a fẹ́ yọ. Ìtàn mẹ́ta ló kù fún yín: ìtàn yàrá, ìtàn àìsàn, àti ti àpò tó sọnù lọ́nà ìrìn àjò. Ẹ yọ ti àpò. Ó pani lẹ́rìn-ín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò kan ọkọ, kò sì so mọ́ ọ̀rọ̀ ẹrù tí ẹ fi parí. Ọ̀rọ̀ 60 ni. 390 ló kù, ìyẹn sì jẹ́ ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 36.

Ẹ dìde dúró kí ẹ kà á sókè fún ẹnì kan tí kò rí i rí, pẹ̀lú aago, torí iye ọ̀rọ̀ kò lè ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn: ọ̀rọ̀ kan ni «ó», ọ̀rọ̀ kan náà sì ni «àdúróṣinṣin». Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Bí ó bá bi yín pé «ta ni ó ṣàìsàn?», ẹ ti gé e jù, ẹ dá orúkọ padà síbẹ̀. Bí ó bá ní «aláàánú ni ìyàwó», láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wà níbikíbi nínú ohun tí ẹ kà, gígé náà ti tó. Kí ẹ wá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kan tí ẹ lè fò láìjẹ́ pé ìyókù já, bóyá ètò ọjọ́ náà pẹ́ tí wọ́n sì ní kí ẹ sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú méjì.