Jímọ̀, híjáàbù àti búrẹ́dì tó wà lórí iná

Ìbéèrè: Mo ní ilé búrẹ́dì kékeré kan ní Máńṣẹ́sítà. Àwa méje la wà níbẹ̀, a sì ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di méjì àbọ̀ ọ̀sán. Ọmọkùnrin tó ń mójú tó ààrò ní òun fẹ́ máa lọ kírun Jímọ̀, òun sì fẹ́ máa kírun lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ gan-an sì ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń kó búrẹ́dì jù. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń wọ híjáàbù gígùn nídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ẹ̀rù ń bà mí. Kristẹni ni mí, àdúrà la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀, n kò sì kórìíra ẹnikẹ́ni. Ṣé òfin gbà kí n kọ̀ fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Òfin gbà kí ẹ kọ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ kò gbà kí ẹ kọ̀ lásán. Bí ẹ bá ní ìlànà kan tó kan gbogbo òṣìṣẹ́ bákan náà, bíi pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde kí aago méjì àbọ̀ tó lù, tí òṣìṣẹ́ kan sì fi hàn pé ó ń ni àwọn ẹlẹ́sìn tòun lára ju àwọn yòókù lọ, Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 máa yíjú sí yín. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí ìlànà náà ń ṣe fún iṣẹ́ yín gan-an, àti ìdí tí ẹ kò fi lè gba ọ̀nà mìíràn tó máa fúyẹ́ fún un. Kò dìgbà tí ènìyàn bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kó tó ní ẹ̀tọ́ yìí, ọmọ tó dé lánàá náà ní in.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ méjì hàn yín, torí inú wọn lẹ ti máa rí ibi tí ààlà wà. Ní ọdún 2007, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Lọ́ńdọ̀n kọ̀ láti gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ nítorí pé ó ń fi ìborí bo irun rẹ̀. Ó ní irun àwọn òṣìṣẹ́ òun ni àwọn oníbàárà ń wò kí wọ́n tó gbà pé òun mọṣẹ́. Ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò sọ pé ó kórìíra ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò ní ẹ̀rí kankan pé ọjà òun máa bàjẹ́ bí òṣìṣẹ́ kan bá bo orí. Ó ṣáà gbà bẹ́ẹ̀ ni. Ó san £4,000 fún ọkàn ọmọ náà tó gbọgbẹ́, ṣọ́ọ̀bù kékeré sì ni tirẹ̀ náà.

Ẹjọ́ kejì dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011. Ẹ̀ṣọ́ ni ọkùnrin náà, ní Lọ́ńdọ̀n, ó fẹ́ máa lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án Jímọ̀. Àdéhùn tó wà láàárín ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó gbà wọ́n ni pé gbogbo ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ náà títí iṣẹ́ fi máa parí. Ilé iṣẹ́ náà ní kó máa fi Jímọ̀ sinmi, kó wá ṣiṣẹ́ ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè dípò rẹ̀. Kò gbà. Ọkùnrin náà kò jàre. Kì í ṣe nítorí pé agbanisíṣẹ́ ń sọ pé "iṣẹ́ pọ̀" ni wọ́n fi dá a láre. Ohun tó gbà á ni àdéhùn tó ṣeé kà, àti ọ̀nà mìíràn tó ti fi lọ ẹ̀ṣọ́ náà kí ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́.

Ó ku ti ọmọ ààrò yín. Kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ bi í ní ohun tó ń béèrè, ní wákàtí àti ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún agbanisíṣẹ́ pé ìrun márùn-ún ni Mùsùlùmí ń kí lójúmọ́, àyà wọn máa ń já, wọ́n á rò pé ọmọ náà fẹ́ jáde nígbà márùn-ún. Ẹ wo oòrùn Máńṣẹ́sítà báyìí. Ní oṣù Kejìlá, ìrun Àílà wọlé ní nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Alásárì sì ti máa ń dé kí aago méjì tó lù, torí oòrùn ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹ̀yin ń ti ilẹ̀kùn ní méjì àbọ̀, nítorí náà ó lè kí Alásárì tó bá ti jáde. Àsùbá àti Àílà nìkan ló bọ́ sáàárín iṣẹ́. Àsùbá ń wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, oòrùn sì ń yọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ; Àílà ní tirẹ̀ kò ní ju nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ lọ tó fi lè kí i. Ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sún aago síwájú, Àílà kò ní wọlé títí di aago kan kọjá, Alásárì sì di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn aago márùn-ún. Bó bá fẹ́, ó lè kí Àílà náà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má wá lọ fi èyí kọ́ ọ ní ẹ̀sìn rẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé bí àkókò bá ti wọlé ni kí àwọn kírun. Ẹ bi í, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ìrun kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlùwàlá, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹni tó bá ń ṣe ju wákàtí mẹ́fà lọ lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ogún ìṣẹ́jú ìsinmi lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kàn lè jẹ́ kí ìsinmi rẹ̀ bọ́ sí àkókò Àílà, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ nípa Àsùbá ní oṣù Kejìlá. Kò sí òfin tó ní kí ẹ kọ́ yàrá ìkírun, igun yàrá tí ẹ ń kó ìyẹ̀fun sí tó mọ́ náà tó. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni omi. Kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ sínú agbada tí ẹ fi ń fọ ọwọ́ níbi tí ẹ ti ń po ìyẹ̀fun, ìmọ́tótó oúnjẹ kò gbà á. Bùtá kan nílé ìgbọ̀nsẹ̀ parí ìyẹn.

Jímọ̀ ló nira, n kò ní fi dùn yín nínú. Láti jáde, kí ó gbọ́ wáàsí, kí ó kírun, kí ó padà, máa gbà tó wákàtí kan bí mọ́ṣáláṣí bá wà nítòsí. Ní tiyín, ìdí gidi wà: ìyẹ̀fun tó ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá kọjá àkókò rẹ̀, á wálẹ̀, búrẹ́dì á pẹlẹbẹ, àwọn oníṣọ́ọ̀bù á dá a padà. Ìdí tí ilé ẹjọ́ lè fojú rí nìyẹn, ó sì sàn ju kí ẹ máa ní "Jímọ̀ lọjà pọ̀ jù". Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa wákàtí kan ni, kì í ṣe nípa ọjọ́ odindi. Nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: kí ló máa wà nínú ààrò ní wákàtí yẹn gan-an, ta ló sì tún mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́?

Ilé búrẹ́dì kan wà tí mo bá dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n kọ aago gbogbo ìyẹ̀fun ọjọ́ Jímọ̀ sára ògiri. A wá rí i pé ìpo tó kẹ́yìn ló ń bọ́ sínú ààrò ní aago kan. Wọ́n sún ìpo àkọ́kọ́ sẹ́yìn sí aago márùn-ún àárọ̀, èyí tó kẹ́yìn sì ti ń jáde ní méjìlá àbọ̀. Ọmọ náà ló ń wá ní aago márùn-ún, ìyẹn ló fi ń san wákàtí tó fi lọ Jímọ̀ padà, kò sí owó kankan tó yí padà. Wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ kejì ní bí wọ́n ṣe ń mójú tó ààrò, nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹ̀. Wọ́n dán an wò fún Jímọ̀ mẹ́rin, wọ́n ń kọ iye búrẹ́dì tó jáde àti aago tí ọkọ̀ gbéra. Ní Jímọ̀ kejì, ọkọ̀ pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú. Ní ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin kò pẹ́ mọ́.

Bí ẹ bá dán an wò bẹ́ẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ìwé tí ẹ kọ iye àti aago sí lẹ máa gbé kalẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kọ̀. Ẹ ṣì lè fi nǹkan mìíràn lọ̀ ọ́: mọ́ṣáláṣí tó ń kírun Jímọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ̀ẹ̀kejì máa ń pẹ́ díẹ̀, tàbí kí ó máa fi Jímọ̀ sinmi kó wá ní Sátidé. Ẹ kò ní láti san owó wákàtí tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kò sì ní láti gba ohun tó béèrè gẹ́lẹ́ bó ṣe béèrè rẹ̀.

Ní ti híjáàbù, ẹ̀rù yín tọ́, àmọ́ ẹ fi sí ibi tó yẹ. Híjáàbù fúnra rẹ̀ kò ṣe ẹ̀rọ ní nǹkan kan. Etí aṣọ tó ń fì lẹ́bàá apá ẹ̀rọ tó ń yí ló léwu, òun náà ni okùn épíróònù, ẹ̀gbà ọrùn àti irun dídì tó gùn. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹjọ́ obìnrin Kristẹni méjì lọ́jọ́ kan náà, àgbélébùú ọrùn ni àwọn méjèèjì fẹ́ wọ̀. Ti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jàre, torí ìrísí ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń dí i lọ́wọ́. Ti nọ́ọ̀sì kò jàre, torí aláìsàn lè di ẹ̀wọ̀n náà mú kó fà á, wọ́n sì ti ní kó fi pín-ìn-nì gún un mọ́ aṣọ.

Nítorí náà, ẹ má kọ "kò sí híjáàbù nídìí ẹ̀rọ." Ẹ kọ pé kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun tó ń fì láti orí títí dé ìbàdí nídìí ẹ̀rọ, kí ó sì kan gbogbo ènìyàn. Híjáàbù tí wọ́n rán bíi fìlà, tó lẹ̀ mọ́ orí àti ọrùn, tí etí rẹ̀ wọ inú épíróònù, ti tó. Kí ó ní èyí tó mọ́ tó máa wọ̀ níbi iṣẹ́ nìkan. Irun tó bò dáadáa ni ẹ̀yin náà ń wá nílé oúnjẹ, ẹ kò ní fi nẹ́ẹ̀tì dà á láàmú mọ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gba aṣọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ gbọ̀n ọ́n wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó dúró, kí òun náà rí ohun tí ẹ rí.

Ó wá ku ohun tí ẹ kò bi mí, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé yín: àdúrà àárọ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ fi ń ṣe é, ilé la ti kó o wá. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́fà, tí orin àti àdúrà sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú aago tí ẹ ń sanwó fún, ohun tí agbẹjọ́rò ọmọ ààrò máa kọ́kọ́ tọ́ka sí nìyẹn. Á ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà fún àdúrà yín lójoojúmọ́, kò sí mẹ́wàá fún tirẹ̀. Ẹ kò ní rí èsì fún un. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń dúró síbẹ̀ torí ó ń bẹ̀rù ojú yín, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, ó sì lè burú ju ti Jímọ̀ lọ.

Ẹ sún àdúrà náà sí mẹ́fà ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹni tó bá wù wá. Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo wọn lójú ara wọn pé ẹni tí kò bá wá kò ṣẹ̀ yín, kí ẹ má sì béèrè ibi tí ẹnikẹ́ni wà. Ẹ ṣe ìyẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó pe ọmọ náà jókòó nítorí Jímọ̀.