Orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn nígbà tí ìran mẹ́rin bá wà nínú ìwé kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Mò ń kọ ìtàn àròsọ nípa ìdílé babaláwo kan ní Ìbàdàn, láti ayé ogun Kírìjí títí dé nǹkan bí 1990. Fátókun ni baba ńlá wọn, Fágbèmí ni ọmọ rẹ̀, Fágbàmígbé àti Fábùnmi ni ọmọ-ọmọ. Àwọn tí mo fún kà ní àwọn ò mọ ta ni ta ni mọ́ tí wọ́n bá dé ìdajì ìwé. Ṣé kí n pa orúkọ Ifá tì ni? Ìyẹn á sì ba ìtàn náà jẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ má pa á tì. Ìdílé tó ń bọ Ifá tí kò bá sí Fá- lórúkọ ọmọ wọn, a ò ní gbà yín gbọ́. Ohun tó ń da àwọn òǹkàwé yín láàmú ni pé Fá- yìí kan náà ni ojú wọn ń bá pàdé níwájú orúkọ gbogbo. Ẹni tó ń kàwé kì í ka orúkọ tán lẹ́ẹ̀kejì tó bá tún rí i. Ó kàn ń wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó, ó sì ń kọjá lọ. Fágbèmí àti Fágbàmígbé á wá di ẹnì kan náà lójú rẹ̀.

Ó tún le fún àwa tó ń kọ Yorùbá ju bí ẹ ṣe rò lọ. "Ó" la ń lò fún ọkùnrin, òun náà la ń lò fún obìnrin. Tí bàbá àti ìyá bá jọ ń sọ̀rọ̀, "ó" kò lè sọ ẹni tó dáhùn. "Wọ́n" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tún lè jẹ́ ènìyàn mẹ́wàá. Orúkọ nìkan ló kù tí yóò gbé ẹrù náà, á sì máa jáde léraléra.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn òǹkọ̀wé ṣe ni kí wọ́n jẹ́ kí Fá- jáde lódindi lọ́jọ́ ìkómọ, kí wọ́n wá wá orúkọ mìíràn tí asọ̀tàn yóò máa fi pe ẹni náà láti ibẹ̀ lọ. Yorùbá kì í jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ ò ní wá a jìnnà. Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé yín ṣe é.

Fátókun ni kí ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Òun nìkan ni asọ̀tàn yóò máa fi Fá- pè nínú gbogbo ìwé náà. Fágbèmí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú jáde. Ìlà kan ti tó: "Fágbèmí ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló bá wáyé, Ìgè ni gbogbo agboolé ń pè é." Orúkọ àmútọ̀runwá wúlò púpọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n kúrú, ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò jọra (Ìgè, Òjó, Dàda), kò sì sí ìdílé tí wọn kò lè bọ́ sí. Ẹ kàn rántí pé wọ́n ní òfin tiwọn. Ẹ ò lè ní Ìdòwú láìsí ìbejì ṣáájú rẹ̀, òǹkàwé yóò sì máa retí Àlàbá lẹ́yìn rẹ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ lò wọ́n nínú ìwé kan, nítorí ìbejì gbogbo ìran ló ń jẹ́ ẹ.

Ìgè yín yìí, tí ẹ bá fi ìbí rẹ̀ sí 1905, ó bọ́ sí àsìkò ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Bíbélì Yorùbá ti wà lódindi láti 1884, àlùfáà lè sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì nígbà ìrìbọmi. Kí Sámúẹ́lì máa jáde lẹ́nu àlùfáà àti nínú lẹ́tà nìkan. Asọ̀tàn ò gbọdọ̀ gbà á lẹ́nu wọn.

Ká ní Fátókun kú ní 1931. Ọmọ ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1932, Babátúndé ni ilé máa pè é, Fágbàmígbé á sì di Túndé. Orúkọ yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: òǹkàwé mọ̀ láìsí àlàyé pé ẹni yìí kò bá baba ńlá rẹ̀ láyé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹ gé e níwájú, kó di Bùnmi. Ẹ ò rí i pé mi ò mú Yétúndé wá; Túndé àti Yétúndé ò gbọdọ̀ jọ gbé inú ìwé kan. Ìyábọ̀ wà ńlẹ̀ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Fún ọmọ Túndé, tí wọ́n bí lẹ́yìn òmìnira sínú ilé onígbàgbọ́, Olúwáṣeun yóò di Ṣeun.

Ẹ wá fi méjèèjì wéra. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí yóò dà bí: "Fágbèmí wo Fágbàmígbé, ó ní kó lọ pe Fábùnmi wá, kí wọ́n jọ lọ sójú oórì Fátókun." Èkejì: "Ìgè wo Túndé, ó ní kó lọ pe Bùnmi wá, kí wọ́n jọ lọ sójú oórì Fátókun."

Oríkì ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń sá tọ̀ lọ, èmi ò sì fara mọ́ ọn. Àjàní, Àjàó, Àkànní, Àkànbí, Àlàní, Àlàó: À ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ti obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àjọkẹ́, ìparí wọn tún jọra. Ẹ fi oríkì sẹ́nu ìyá nígbà tó bá ń tu ọmọ lójú. Tí ẹ bá fẹ́ kí asọ̀tàn lò ó, ẹnì kan péré ni kó lò ó fún, bóyá ìyàwó Fátókun, kó jẹ́ Àṣàbí.

Ibi tí ìwé ìran-dé-ìran ti máa ń dàrú jù ni oyè inú ilé. Ní orí kẹta, Àṣàbí ni "Ìyá Àgbà". Ó kú, ìyàwó Ìgè sì di Ìyá Àgbà ní orí kẹjọ. Àwọn ọmọ ilé ò ṣàṣìṣe, òǹkàwé ló ń rò pé òkú ti jí. Bákan náà ni orúkọ ìdílé: nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ Ìgè sílẹ̀ ní Sámúẹ́lì Fátókun, Túndé náà á di Ọ̀gbẹ́ni Fátókun ní ọ́fíìsì, Ṣeun náà á jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá ìtàn máa pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu asọ̀tàn, Fátókun lásán kò gbọdọ̀ tọ́ka sí ẹlòmíràn bí kò ṣe baba ńlá.

Ìyàwó ilé náà kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Rèbékà, ìyàwó Ìgè, lè máa pe Dàda, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní Akọ̀wé tàbí Eyínmẹ́nugún. Èyí dára gan-an, nítorí tí ẹnì kan bá pe "Akọ̀wé" nínú òkùnkùn, a ti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń pè. Àmọ́ ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, kí orúkọ tí asọ̀tàn ń lò wà nítòsí: "'Akọ̀wé, ẹ wá jẹun.' Dàda ò dáhùn."

Kí ẹ tó tún nǹkan kan ṣe, ẹ kọ gbogbo orúkọ sórí ìwé kan láìfi àmì ohùn sí i, nítorí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í wo àmì náà. Èyí tó bá jọra níbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn méjèèjì máa ń pàdé lójú ewé kan. Tí wọn ò bá pàdé rárá, ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀. Tí wọ́n bá ń pàdé, orúkọ ẹni tí ipa rẹ̀ kéré ni kí ẹ pààrọ̀. Tí ẹ bá sì ń fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ ọ, ẹ wá Fágbèmí alámì, kí ẹ tún wá Fagbemi aláìlámì. Mo ti rí ìwé tó ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé tí òkú orúkọ àtijọ́ ṣì wà ní orí kọkànlá.